Ẹ̀wà Ẹnu Àpò

Nígbà tí mò ń wí yìí, Àwáwù ṣì wà láyé. Ọkọ mi ti lọ. Ọkọ tirẹ̀ náà ti lọ. Ìyálé tó gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀ nígbà tí a kọ́kọ́ wọ agboolé ti di ẹni ilẹ̀, Ọlọ́hun kó kẹ́ ẹ. Nínú gbogbo ìyàwó tí a jọ ń pọn omi Ọ̀ṣun nígbà tí ẹ̀rọ omi kò tíì dé Ẹdẹ, àwa méjì ló kù. Bí mo bá ní, "Ṣé o rántí?", òun nìkan ló lè dáhùn pé, "Mo rántí." Ẹni tí kò tíì dàgbà kò lè mọ bí ìyẹn ṣe tóbi tó.

A jọ ta ẹ̀wà ni, lọ́jà Tìmì, àpò ẹ̀wà tó ń ti òkè Ọya wá. Èmi ni mo máa ń rà, òun ló máa ń tà, nítorí ẹnu rẹ̀ mú ju tèmi lọ. Oníbàárà á ní, "Ìyá, kòkòrò wà nínú ẹ̀wà yín." Àwáwù á ní, "Kòkòrò ti tọ́ ọ wò, ó ní ó dùn. Ohun tí kòkòrò kọ̀ lo fẹ́ lọ fún ọmọ rẹ jẹ ni?" Oníbàárà á rẹ́rìn-ín, á sì rà.

Ìgbà tí a dàgbà ni ìtọ̀ ṣúgà mú un. Egbò kan yọ sí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún, egbò tó kọ̀ tí kò san. Ẹsẹ̀ kejì wú. Láti orí ẹní rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà wá di ìrìn àjò. Ọjà tí a ti máa ń fi ẹsẹ̀ wa rìn lọ, tí a ń fi rìn bọ̀, ó di ibi tí ó ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀ lẹ́nu mi.

Ohun tó mú ẹ̀mí rẹ̀ dúró ni Bọ́lánlé. Nọ́ọ̀sì ni Bọ́lánlé, ní ibùdó ìlera tó wà lápá ọ̀nà Àkọ̀dà. Àjọ kan tó ń ran ìjọba lọ́wọ́ ló fún un ní ọ̀kadà, pé kó máa lọ bá àwọn tí kò lè rìn nínú ilé wọn. Gbogbo Àtàláátà la máa ń gbọ́ ọ̀kadà yẹn níwájú agboolé. Á gún Àwáwù lórí ìka láti wo ṣúgà rẹ̀, á wọn ìfúnpá rẹ̀, á fọ egbò, á fi báńdéèjì tuntun wé e, á kó oògùn ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀.

"Ọmọ yìí, ọwọ́ rẹ tutù bí ọwọ́ òkú," Àwáwù á wí.

"Màmá, ọwọ́ òkú kì í gún abẹ́rẹ́. Ẹ na ẹsẹ̀ yín."

"Mo ti nà án. Ibi tó gùn mọ nìyẹn."

Egbò yẹn ń kéré sí i. Mo fi ojú mi rí i. Ó ti dà bíi kọ́bọ̀ àtijọ́, ó wá ń di ẹyọ àgbàdo.

Ọdún yẹn náà ni Labeebah, ọmọ tí ọmọkùnrin mi àgbà bí, parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Pólì. Ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń ṣe ìwádìí àti bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀ ló kọ́. Àjọ tó ni ọ̀kadà Bọ́lánlé yẹn ló gbà á síṣẹ́. Inú mi dùn, mo se ìrẹsì fún gbogbo agboolé. Ó wá jókòó tì mí lórí àga lẹ́yìn ilé, ó ní iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé fún òun nìyí: àjọ fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn ará ìlú ṣì nílò kí nọ́ọ̀sì máa wá sílé, tàbí wọ́n lè dé ibùdó fúnra wọn. Bí wọ́n bá lè dé ibẹ̀, Bọ́lánlé á padà máa ṣiṣẹ́ nínú ibùdó nìkan, wọn á sì gba ọ̀kadà.

"Gbogbo Ẹdẹ lẹ fẹ́ bi?" mo ní.

"Rárá, Màmá àgbà. Díẹ̀ la ó mú, a ó sì fi díẹ̀ yẹn mọ ti gbogbo wọn."

"Báwo ni díẹ̀ ṣe ń sọ ti gbogbo?"

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ta ẹ̀wà! Nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra àpò ẹ̀wà, ṣé ẹ máa ń sè é tán kẹ́ ẹ tó mọ̀ pé ó dáa?"

Mo rẹ́rìn-ín. "Màá fi irin oníhò gún àpò, màá wo èyí tó bá dà jáde."

"Níbo lẹ máa ń gún?"

"Ibi gbogbo. Ẹ̀gbẹ́, àárín, ìdí. Ẹni tó bá ń wo ẹnu àpò nìkan, ilé rẹ̀ ni yóò ti sunkún. Ẹnu àpò ni wọ́n máa ń kó èyí tó ń dán sí."

"Ẹ ti mọ ìdajì ohun tí wọ́n fi odindi ọdún kọ́ mi." Ó fà mọ́ mi bí ìgbà tó wà ní kékeré. "Bẹ́ ẹ bá bu ẹ̀wà lẹ́nu àpò, kóńgò kan ni o, ogún kóńgò ni o, ẹnu àpò náà lẹ ṣì ń wò. Bó ti wù kó pọ̀ tó, kò lè di ìdí àpò."

Ó wá ṣàlàyé bí òun ṣe fẹ́ ṣe é. Wọn á ka gbogbo ojúlé tó wà ní àdúgbò, wọn á ṣẹ́ gègé, ojúlé tí gègé bá mú ni wọn á lọ. Bí wọ́n bá bá ilẹ̀kùn ní títì, wọn á padà lọ nírọ̀lẹ́. Wọn á padà lọ ní Jímọ̀, nígbà tí àwọn ará oko bá wọlé wá kírun. Obìnrin ni yóò lọ bá àwọn obìnrin tó wà ní ẹ̀hà, nítorí wọn kò ní yọjú sí ọkùnrin.

"Ẹni tí kò dáhùn, Màmá àgbà, kò rí bí ẹni tó dáhùn. Nígbà mìíràn, ohun tí kò jẹ́ kó dáhùn gan-an ni ohun tí à ń wá."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí létí, ó sì wọ̀ mí lọ́kàn. Ní àsálátù ọjọ́ Àìkú, mo dìde láàárín àwọn obìnrin. Mo ní kí wọ́n má bẹ̀rù, ọmọ mi ló ń bọ̀, kí wọ́n sọ bí ara wọn ṣe rí fún un. Zulfah, ìyàwó ọmọ Àwáwù tó ń tọ́jú rẹ̀, wà níbẹ̀. Ó ní, "Ìyá, tó bá jẹ́ Labeebah, kò sí ìṣòro. Màá mú un wọ yàrá lọ bá wọn."

Labeebah kò wá.

Ohun tí a rí ni tẹ́ǹtì kan tí wọ́n ta síwájú ibùdó ìlera. Àwọn ọ̀dọ́ jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú fóònù gbàǹgbà-gbàǹgbà lọ́wọ́, wọ́n ń bi àwọn tó wá gba oògùn àti àwọn aboyún tó wá fún àyẹ̀wò: "Ṣé ẹ lè dé ibùdó ìlera fúnra yín?" Ẹ gbọ́ ìbéèrè o. Ẹni tó ti dé ibẹ̀ ni wọ́n ń bi bóyá ó lè dé ibẹ̀.

Wọ́n dé agboolé lóòótọ́, kí wọ́n má baà ní wọn ò dé ọ̀dọ̀ wa. Àmọ́ ọ̀sán gangan ni, lọ́jọ́ ọjà, tí ìdajì àwọn èèyàn wà lóko lọ́nà ìlú Ara tí ìdajì sì wà lọ́jà. Ọkùnrin kan tí a kò rí rí ló kan ilẹ̀kùn Àwáwù. Zulfah ṣí i díẹ̀.

Nílé wa, a kì í sọ àìsàn àgbàlagbà fún àjèjì. Bẹ́ẹ̀ la bá a. O kò mọ ẹni tó fẹ́ gbọ́, o kò mọ ibi tó ń gbé e lọ. Bí àlejò bá béèrè, a ní wọ́n ń sinmi, tàbí wọ́n jáde. Zulfah ń wo ẹ̀yìn ọkùnrin yẹn bóyá Labeebah ń bọ̀. Kò rí i.

"Kò sí àgbà nílé," ó ní.

"Kò burú," ni ọkùnrin náà wí. Ó tẹ nǹkan kan lórí fóònù rẹ̀, ó kọjá sí ojúlé kejì. Ojúlé kejì ni ṣọ́ọ̀bù Ayọ̀mídé aránṣọ, ọmọkùnrin tí n kò rí i kí ibà mú u rí. Wọ́n bi í bóyá ó lè dé ibùdó. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n sáré débẹ̀ kí n sì padà, kẹ́ ẹ wò ó?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Bí Ayọ̀mídé ṣe gba ipò Àwáwù nìyẹn.

Nígbà tí èsì jáde, mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló ní àwọn lè dé ibùdó.

Mo ránṣẹ́ pe Labeebah. Ó wá pẹ̀lú ọ̀gá rẹ̀, Ọládòṣù, ọkùnrin pẹ̀lẹ́ kan tó dọ̀bálẹ̀ kí mi dáadáa. Mo ní, "Ẹ kò bi Àwáwù. Ẹ kò bi ẹnikẹ́ni tó dà bí Àwáwù."

"Ìyá, òótọ́ lẹ sọ," Ọládòṣù ní. "Àwọn tí a bi kéré. Ọ̀ọ́dúnrún ni. A ó fi kún un. A ó sọ ọ́ di ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, kó má baà sí ẹni tó lè jiyàn."

Mo wo Labeebah. Ilẹ̀ ló ń wò.

Nígbà tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ibùdó náà ni wọ́n tún ta tẹ́ǹtì sí. Wọ́n ta òmíràn sí àwọn ibùdó yòókù nínú ìlú. Wọ́n tún fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù ọ̀pọ̀lọpọ̀ èèyàn, pé kí ẹni tó bá lè dé ibùdó tẹ ení, kí ẹni tí kò lè dé ibẹ̀ tẹ èjì. Àwáwù kò ní fóònù. Èmi ní fóònù, ṣùgbọ́n ojú mi kò ríran ka ohun tí wọ́n kọ. Nínú àwọn tí wọ́n ránṣẹ́ sí, àwọn tó dáhùn kò tó nǹkan, àwọn ọ̀dọ́ ló sì pọ̀ jù nínú wọn.

Mo rò ó títí. Mo ní, ó dáa, tó bá jẹ́ ibùdó ni wọ́n ti ń bi èèyàn, màá gbé Àwáwù lọ síbẹ̀ kí ohùn rẹ̀ lè wọ inú ìwádìí náà.

"O fẹ́ gbé mi lọ bí àpò," Àwáwù ní.

"Mo ti gbé èyí tó wúwo jù ọ́ lọ."

"Ṣùgbọ́n ìyẹn kò ní ẹnu láti bú ọ."

Ayọ̀mídé àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan gbé e wọ kẹ̀kẹ́ Máruwá. Gbogbo kòtò tó wà lójú ọ̀nà ló dá a mọ̀. Nígbà tí a dé ibẹ̀, wọ́n tún gbé e sọ̀ kalẹ̀, báńdéèjì ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tú, ó ń mí gùlegùle. Ọmọbìnrin kan tó di fóònù gbàǹgbà mú wá bá wa, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o, Màmá. Ṣé ẹ lè dé ibùdó ìlera fúnra yín?"

"Rárá," Àwáwù ní.

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Màmá, ṣebí ẹ ti dé."

"Wọ́n gbé mi wá ni."

"Kò sí 'wọ́n gbé mi wá' níbí, mà. 'Mo lè dé ibẹ̀' àti 'N kò lè dé ibẹ̀' ló wà. Ẹ sì ti dé ibẹ̀."

Ó tẹ̀ ẹ́. Àwáwù wo ojú mi. Lẹ́yìn náà ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ń mú kí àyà rẹ̀ ṣe hẹ̀ẹ̀-hẹ̀ẹ̀. "O gbé mi wá láti ọ̀nà jíjìn," ó ní, "kí n lè wá jẹ́rìí ta ko ara mi." Ó sùn ọjọ́ méjì lẹ́yìn ìrìn yẹn. Egbò náà tún ṣí.

Èsì ẹgbẹ̀rún mẹ́ta jáde. Mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá náà ni. Labeebah wá bá mi ní ilé ìdáná, ó jókòó sórí àpótí, kò gba oúnjẹ.

"Mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kíní, mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kejì," mo ní. "Ọ̀gá rẹ ní nǹkan ti wá dájú báyìí."

"Ìyẹn ló burú níbẹ̀, Màmá àgbà." Ohùn rẹ̀ kéré. "Àṣìṣe méjì ló máa ń wà. Ọ̀kan, èèṣì ni. Nítorí pé díẹ̀ la mú, ó lè yẹ̀ sápá ọ̀tún, ó lè yẹ̀ sápá òsì. Bí a bá bi èèyàn sí i, ìyẹn á dín kù. Èkejì dà bí òṣùwọ̀n tó wọ́. Òṣùwọ̀n tó bá wọ́, bẹ́ ẹ gbé ẹrù lé e lẹ́ẹ̀kan, bẹ́ ẹ gbé e lé e lẹ́gbẹ̀rún ìgbà, wíwọ́ rẹ̀ náà ló máa sọ fún yín. Bó bá ń sọ ọ́ lẹ́gbẹ̀rún ìgbà, ẹ ó wá gbà pé òótọ́ ni."

"O mọ̀."

"Mo mọ̀."

"Látìgbà wo?"

Ó ní Ọ̀gá Ọládòṣù sọ pé àkókò kò sí láti ṣẹ́ gègé lójúlé-dójúlé. Ó ní ilẹ̀kùn tó bá ti pa, kí wọ́n mú èyí tó tẹ̀ lé e, ṣebí iye tí wọ́n ń wá náà ni yóò pé. Ó ní òun bá a sọ ọ́, ṣùgbọ́n òun kò sọ ọ́ le.

Mo ní, "Bó o ṣe sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn ilé, sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún wọn."

Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ọmọ náà ṣe ohun kan tó mú kí n dárí jì í. Ó wo àwọn ojúlé tí wọ́n kọ̀wé sí pé ẹnikẹ́ni kò dáhùn níbẹ̀, ó kọ wọ́n sí bébà kéékèèké, ó dà wọ́n sínú igbá mi, ó ní kí n fa díẹ̀. Ìwọ̀nba tí ẹsẹ̀ àwa méjèèjì lè dé ni a fà. A jọ lọ nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn ìrun, èmi níwájú, òun lẹ́yìn. Nítorí pé èmi ni wọ́n rí, wọ́n ṣílẹ̀kùn. Nínú ojúlé kan, bàbá àgbà kan tó ti rọ lápá kan. Nínú òmíràn, obìnrin ẹ̀hà kan tí kì í jáde lọ́sàn-án, ìfúnpá rẹ̀ ga. Nínú òmíràn, ará oko ni wọ́n, ara wọn le. Nígbà tí a parí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì nínú àwọn ilẹ̀kùn yẹn tó ní ẹni tí kò lè dé ibùdó.

Labeebah jókòó sórí òkúta níwájú ilé wa. "Èyí tí a ṣe kò pọ̀ tó láti fi sọ iye tí wọ́n jẹ́ ní gbogbo ìlú," ó ní. "Ṣùgbọ́n ó tó láti mọ̀ pé èyí tí a fẹ́ fi pinnu kò dáa. Ká ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta yẹn di ẹgbẹ̀rún ọgbọ̀n, kò ní bá àwọn wọ̀nyí pàdé. Màá sọ ọ́ nípàdé tí wọ́n fẹ́ pe lórí rẹ̀."

"Ṣé o máa sọ ọ́?"

"Màmá àgbà, mo fi Ọlọ́hun bura."

Mo lọ sọ fún Àwáwù. Ó ní, "Ọmọ rẹ dáa." Mo ní, "Ọmọ wa ni."

Gbọ̀ngàn kan nítòsí ọjà ni wọ́n ti ṣe ìpàdé náà. Àlájì Mansur ni alága kọmití ìlera àdúgbò, èèyàn jẹ́jẹ́ tó máa ń fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tètè parí. Bọ́lánlé jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀, ó di kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà mú lọ́wọ́. Ọládòṣù fi àwòrán hàn lára ògiri, ọ̀pá gíga kan fún àwọn tó lè dé ibùdó, ọ̀pá kúkúrú kan fún àwọn tí kò lè dé ibẹ̀. Ó ní, "Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta èèyàn. Ní gbogbo ìtàn àdúgbò yìí, kò sí ìwádìí tó tóbi tó èyí." Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Mo dìde. Mo ní àwọn tí kò lè rìn kò sí nínú rẹ̀, nítorí ẹni tó ń rìn ni wọ́n bi. Mo ní a ti lọ wo àwọn ilẹ̀kùn tó pa.

"Ilẹ̀kùn mélòó, Ìyá?" Ọládòṣù béèrè pẹ̀lẹ́.

Mo sọ ọ́ fún un. Ẹ̀rín sọ láàárín àwọn èèyàn. Ọkùnrin kan lẹ́yìn ní, "Ẹ̀yin Ìyá, iye yẹn ò tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan." Wọ́n tún rẹ́rìn-ín.

Àlájì Mansur gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ dákẹ́. Ìyá ló bí wa. Labeebah, ìwọ lo kàwé rẹ̀, ìwọ sì lọmọ Ìyá. Sọ fún wa. Ṣé a lè gbẹ́kẹ̀ lé ẹgbẹ̀rún mẹ́ta yìí?"

Mo rọra jókòó, mo fi ọkàn balẹ̀. Mo tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, nítorí mo mọ ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀, èmi àti òun la jọ sọ ọ́. Labeebah dìde. Ó wo Ọládòṣù. Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe.

"Àwọn tí a bi pọ̀ tó, sà," ó ní. Ó sì jókòó.

Kò parọ́. Ìyẹn ló dùn mí jù. Wọ́n pọ̀ tó lóòótọ́.

Wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Bọ́lánlé dìde, ó fi kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà sórí tábìlì níwájú Ọládòṣù, ó jáde láì wo ẹnikẹ́ni. Níta, Labeebah sáré tẹ̀ lé mi, ó di ọwọ́ mi mú.

"Màmá àgbà, ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n fẹ́ gbé mi lọ sí ọ́fíìsì Òṣogbo. Bí mo bá ta ko Ọ̀gá lójú gbogbo èèyàn, ó parí nìyẹn. Tí mo bá dé Òṣogbo, ibẹ̀ ni màá ti tún un ṣe."

"Ẹsẹ̀ Àwáwù kò mọ ọ̀nà Òṣogbo," mo ní. Mo yọ ọwọ́ mi.

Mo wọlé lọ bá Àwáwù. Ó ti wẹ̀, ó ti fi tìróò sójú, ó ń retí mi. Mo ní wọn kò gbà. Ó ní, "Kí ni ọmọ wa sọ?" Mo ní wọn kò fún un láyè láti sọ̀rọ̀. Ó wò mí lójú. A ti jọ wà pẹ́ kọjá kí n lè tàn án jẹ, ṣùgbọ́n ó ní, "Ó dáa. Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Àtàláátà dé, ọ̀kadà kò dé. Òmíràn dé. Bọ́lánlé sá wá lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn iṣẹ́, ó fi ẹsẹ̀ rìn ni, lẹ́yìn náà wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ìlú Awo. Zulfah ń fi omi iyọ̀ fọ egbò náà. Nígbàkúùgbà tí ọ̀kadà oníbàárà Ayọ̀mídé bá dúró níwájú agboolé, Àwáwù á gbé orí sókè.

"Ṣé òun nìyẹn?"

"Kì í ṣe òun."

"Ohùn rẹ̀ jọ ọ́."

A ní ká tún gbé e wọ kẹ̀kẹ́. Ó kọ̀. Ó ní òun ti lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun lè lọ, kí wọ́n jẹ́ kí ìwé wọn máa lọ dípò òun. Egbò náà bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ di dúdú, lẹ́yìn náà òmíràn. Ibà wá wọ ọ́ lára. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ ti oko dé, tí ó gbé e dìgbàdìgbà lọ sí ọsibítù ńlá, dókítà ní ọ̀rọ̀ ti kọjá ẹsẹ̀. Ó ní kí ni wọ́n ń dúró dè látìgbà yìí.

Wọ́n gbé e padà wálé kó lè wà lórí ẹní rẹ̀.

Òwúrọ̀ Jímọ̀ ló kú. Èmi ni mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní, "Ṣé o rántí obìnrin tó dá ẹ̀wà padà, tó ní kò jinná?" Mo ní, "Mo rántí. O ní kó lọ ra igi ìdáná." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ọwọ́ rẹ̀ tú nínú ọwọ́ mi.

Nítorí pé Jímọ̀ ni, àwọn ará oko ti wọlé. Wọ́n ti Ara wá, wọ́n ti àwọn abà wá, agboolé kún dé ojú títì. Àwọn obìnrin ẹ̀hà wá pẹ̀lú ìbòjú wọn. Àwọn tí mo rò pé wọn kò lè rìn mọ́, wọ́n gbé wọn wá, wọ́n gbé wọn jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Gbogbo ilẹ̀kùn ló ṣí. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ àwa tó wà ní àdúgbò yẹn, ọjọ́ náà gan-an ni ì bá wá. Wọ́n sin ín kí wọ́n tó pe ìrun ọ̀sán.

Lẹ́yìn ìrun alásárì, àwọn èèyàn ti ń túká. Zulfah ti ilẹ̀kùn mi, ó jókòó tì mí kí n lè sinmi. A gbọ́ kẹ̀kẹ́ kan tó dúró. A gbọ́ ohùn Labeebah níta, ó ti Òṣogbo dé, ó ń sunkún, ó ń kan ilẹ̀kùn.

"Màmá àgbà. Màmá àgbà, èmi ni."

Zulfah dìde, ó fi ọwọ́ lé kọ́kọ́rọ́, ó bojú wẹ̀yìn wò mí.

"Sọ fún un," mo ní, "pé kò sí àgbà nílé."

Zulfah sọ ọ́. Mo ń retí kó tún kan ilẹ̀kùn. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo gbọ́ bàtà rẹ̀ tó ń kọjá lọ sí ojúlé kejì, bí ti ọkùnrin onífóònù ọjọ́sí.